Ọwọ́ Tó Ń Fa Níkà

Ọwọ́ ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́rú kan ni, a ń sáré àṣàyàn fún intaháósì, ọyẹ́ ti fa pápá wa gbẹ, eruku pupa sì ń bá àwọn ọmọ sáré lọ. Mo ti mọ ọmọbìnrin tó wà ní ilà kẹta yìí láti ọdún tó wọlé. Ìyá rẹ̀ ló ń ta gàrí lẹ́bàá ọjà, nítorí náà ọmọ ìyá onígàrí ni gbogbo wa ń pè é. Ní ọdún kìíní girama kékeré, àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ kì í fẹ́ bá a sáré, torí ó máa ń fi wọ́n sẹ́yìn. Lọ́jọ́rú tí mò ń wí yìí, ó ti dé ọdún kẹta. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń jù bó ṣe yẹ kó máa jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò kúrò níbi itan. Ó ń fa etí níkà wálẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta, á fà á. Ìṣísẹ̀ méjì sí i, á tún fà á. Ó ṣe ipò kẹrin. Kò dúró mí, kò bèèrè omi. Súẹ́tà rẹ̀ ló lọ mú lórí koríko, ó so ó mọ́ ìdí, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé ló fi rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí mi: inú ń run òun. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, n kò rí ìwé, n kò sì rí òun náà.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ilẹ̀ Yàgbà, ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, ni mo ti ń kọ́ eré ìdárayá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí igi máńgòrò yẹn àti àwọn tó ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tọkùnrin tobìnrin ló ń sáré wá pápá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọdún kẹta, ìdajì àwọn obìnrin á ti kó sábẹ́ igi. Ní girama àgbà, mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń kù, àwọn yẹn náà sì ni a ó fi kún gbogbo ìdíje títí wọ́n á fi jáde. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ọ̀lẹ ni mo pè é. Mo ti fi àwọn ọmọ wọ̀nyí gé koríko rí nítorí pé wọn ò wọ aṣọ eré. Àṣé aṣọ eré gan-an ni wọ́n ń sá fún.

Nígbà tí ọmọ ìyá onígàrí kò wá mọ́, mo mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀lé e, mo fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó, mo ní kí olùkọ́ tó ń ran mi lọ́wọ́ máa darí wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń wò: ta ló fọwọ́ kan aṣọ ara rẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlélógún ló jáde lọ́jọ́ yẹn. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, mo ti fàlà sí iwájú mẹ́tàdínlógún. Àwọn kan ń fa níkà wálẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwọn kan ń fà á sókè lẹ́yìn ìdí, àwọn kan ń di ọrùn ẹ̀wù mú bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì ká apá mọ́ àyà tí mo bá ní kí wọ́n fò. Nínú àwọn ọkùnrin, méjì péré ni mo rí, ọ̀kan nínú wọn ló sì jẹ́ pé rọ́bà ìbàdí rẹ̀ ló já.

Níkà wa nígbà náà, funfun ni. Ilé ẹ̀kọ́ máa ń kó wọn wá ní ìdì kan náà fún gbogbo ọmọ, kékeré, àárín àti ńlá, ìlànà gígé kan náà fún ọkùnrin àti obìnrin. Mo mú mẹ́ta níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ránṣọ lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà.

Mo kí wọn bí a ṣe ń kí ara wa níbẹ̀: “Òkun o, bàbá.”

“Òkun, tíṣà. Aṣọ òkú ni àbí ti ìgbéyàwó?”

Mo ní níkà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo sì ní kí wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù wò ó, ẹ̀rín náà parí. Mo ti wọn ọmọ ìyá onígàrí tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ibi tí bẹ́líìtì ń gbà jẹ́ íńṣì 26. Ibi tí ìdí ti yọ jù jẹ́ íńṣì 37. Ìyàtọ̀ íńṣì mọ́kànlá. Ọmọkùnrin kan tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra jẹ́ 27 ní ìbàdí, 33 ní ìdí: mẹ́fà péré. Níkà tó ń wọ̀, íńṣì 36 ni gbogbo rẹ̀ níbi ìdí. Ìyẹn ni pé aṣọ náà kéré sí ara ọmọ pẹ̀lú íńṣì kan kí ó tó gbé ẹsẹ̀ rárá, ẹni tó máa sáré sì nílò àlàfo íńṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Bí ó bá mú ìwọ̀n tó tóbi kí ìdí lè gbà á, ìbàdí á ṣáálẹ̀, yóò máa bọ́. Ibi tí ọwọ́ ti ń lọ síbi ìbàdí nìyẹn, ibi tó sì ti ń lọ sí itan nìyẹn. Ìṣirò ni; kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Bàbá télọ̀ ló fi èkejì hàn mí, èyí tí n kò mọ̀. Wọ́n ní kí n ní kí ọmọ jókòó sórí àga tó le, kí n wọ̀n láti ibi bẹ́líìtì dé orí àga ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ti ọmọ náà jẹ́ íńṣì mẹ́wàá àti ààbọ̀. Ti níkà jẹ́ mẹ́sàn-án. “Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀,” bàbá ní, “níbo lẹ fẹ́ kó ti rí aṣọ? Á fà á látẹ̀yìn, á fà á láti abẹ́.” Wọ́n ní íńṣì kan gbọ́dọ̀ wà lé ìwọ̀n ìjókòó náà, kí wọ́n sì fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin kan, nǹkan bí íńṣì mẹ́ta, sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì níbi tí ojú rírán mẹ́rin ti pàdé. Ègé kékeré yẹn ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè là gbàràgàdà láìfa ìyókù aṣọ lọ. Àwọn tó ń rán ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, èmi ni mi ò mọ̀.

A rán márùn-ún fún ìdánwò. Gígùn wọn dúró ní ìka méjì sókè orúnkún, rọ́bà wà ní ìbàdí pẹ̀lú okùn nínú, àwọ̀ náà sì jẹ́ búlúù tó dúdú bí aró tó jinná. Ní ti àwọ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn púpọ̀. Ọmọ tó ń ṣe nǹkan oṣù tí a fún ní níkà funfun, a ti sọ fún un kó jókòó. Àwọn àgbà obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Íńgílándì pàápàá ráhùn nípa funfun, wọ́n sì yí tiwọn sí búlúù ní 2023. Ọdún yẹn kan náà ni ìdíje tẹ́níìsì Wíńbúdọ́ọ̀nù, tí wọn ò gbà ju funfun lọ tẹ́lẹ̀, gbà kí àwọn obìnrin máa wọ péńpé dúdú sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn tó ń gbowó bá ń bẹ̀rù àbàwọ́n, kí ni ká wá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń ṣeré níwájú àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀, tí páàdì méjì péré sì ṣẹ́kù sílé?

Ìdánwò tí a ṣe kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, mo sì ṣì ń lò ó fún gbogbo aṣọ tuntun. Mo máa ní kí ọmọ wọ̀ ọ́ nínú yàrá ìdáná ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀kùn títì, obìnrin nìkan. Á bẹ̀rẹ̀ fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Á lóṣòó. Á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Á fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mi ò ní bi í bóyá aṣọ dára, torí ọmọ wa tó ní ẹ̀kọ́ á ní “ó dára, mà” bí aṣọ náà tilẹ̀ ń fún un lọ́rùn. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Bí ọwọ́ bá lọ síbi aṣọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, aṣọ náà padà sọ́dọ̀ bàbá télọ̀.

Inú yàrá yẹn náà la ti sọ̀rọ̀ kọ́mú. Mo kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2016, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìdínlógún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó sọ pé ọmú àwọn ń dí àwọn lọ́wọ́ nínú eré. Mo ka ìyẹn fún àwọn tèmi. Yàrá dákẹ́ lọ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a fi kọ́ wọn kò pọ̀. Okùn èjìká kọ́ ló ń gbé ọmú dúró nígbà eré, àmùrè abẹ́ ọmú ni. Nítorí náà ibẹ̀ ni kó fún, débi pé ìka méjì á wọlé ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta á kọ̀. Bí àmùrè bá ń gòkè lẹ́yìn nígbà tí ọmọ bá gbé ọwọ́ sókè, ó tóbi jù. Kọ́mú eré wà nínú òkìrìkà ọjà Kàbà bí èèyàn bá tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí kò rí i rà lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ara lé kọ́mú ojoojúmọ́ rẹ̀. Kó má wọ kọ́mú méjì tó fún. Ọmọ kan ṣe bẹ́ẹ̀, kò lè mí délẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń ṣú kó tó dé ìlàjì pápá.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Bàbá ọmọ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Pásítọ̀ ni wọ́n.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé ẹ ń rán ṣòkòtò fún àwọn obìnrin.”

“Ẹ káàbọ̀, sà. Níkà eré ni, sà.”

“Níkà, ṣòkòtò, ẹ̀yà kan náà ni. Ẹ mọ ohun tí Diutarónómì sọ. Ọmọ tèmi kò ní wọ ohun tí ọkùnrin ń wọ̀.”

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ Bíbélì yẹn, mo sì mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo máa tú u fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá télọ̀ gé kúlọ́ọ̀tì láti inú aṣọ búlúù kan náà: bí ọmọ bá dúró, síkẹ́ẹ̀tì tó dé orúnkún ni ojú rí, bí ó bá sáré, ẹsẹ̀ là sí méjì. Mo gbé e fún pásítọ̀. Wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n nà án sókè sí ojú wíńdò bí ẹni tó ń yẹ owó wò.

“Síkẹ́ẹ̀tì lèyí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó parí síbẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ló ń wọ kúlọ́ọ̀tì báyìí, kì í sì í ṣe ọmọ pásítọ̀ nìkan. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tó fẹ̀ máa ń kọ́ igi nínú eré sísá fò kọjá igi àti ìfòkè, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ìyẹn ń wọ táìtì dúdú sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi rọ́bà mú ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ itan. Fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí wa méjì, híjáàbù kékeré tó ń nà la rán, tó wọnú ọrùn ẹ̀wù, tí kò ní píìnì kankan. Píìnì ló léwu níbẹ̀, aṣọ kọ́. Nígbà tí ẹnì kan nínú yàrá olùkọ́ ní òfin bọ́ọ̀lù kò gbà á, mo sọ fún un pé àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lágbàáyé ti gbà á láti 2014, ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 2017.

Níkà tuntun dé, igi máńgòrò ṣófo. Mo yangàn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé ojú sókè, mo rí níkà búlúù méje lábẹ́ igi náà, wọ́n tẹ́ sùn bí ẹni tó wá ṣe ìpàgọ́. Mo lọ bá wọn pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ló dáhùn: “Mà, ṣé ká wọ níkà tuntun ká wá dúró máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù?”

Ìwé kékeré mi tún jáde. Lọ́jọ́ náà ọkùnrin àti obìnrin jọ gbá bọ́ọ̀lù fún ogún ìṣẹ́jú, mọ́kànlá sí mọ́kànlá, obìnrin márùn-ún ní apá kọ̀ọ̀kan. Mo ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ obìnrin kan bọ́ọ̀lù. Mẹ́wàá ni gbogbo wọn pọ̀ ṣe, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló wá bá wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn géndé ọkùnrin méjì tó wà láàárín, mi ò lè ka tiwọn.

Mo gbìyànjú ọgbọ́n tí gbogbo olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ rò: kò sí góòlù àfi tí obìnrin bá ti fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ìtìjú ló bí. Àwọn ọkùnrin á sáré bọ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á yí bọ́ọ̀lù lọ sí ẹsẹ̀ ọmọ tó wà nítòsí, “Kàn án! Kàn án, dá a padà!” Ọmọ á kàn án, á dá a padà, wọ́n á sì máa bá eré wọn lọ. Mo sọ ọmọ ènìyàn di òpó tí bọ́ọ̀lù ń kọjá lára rẹ̀. Ojú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nínú wọn ló tilẹ̀ bàjẹ́ jù, torí òfin náà ti kéde pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá.

Ohun tó ṣiṣẹ́ kò ní ọlá kankan nínú. Mo fi eérú pín pápá sí mẹ́rin, mẹ́rin sí mẹ́rin, obìnrin bá obìnrin, ọkùnrin bá ọkùnrin. Nígbà tí ẹni mẹ́rin bá wà ní apá kan, kò síbi tí bọ́ọ̀lù lè sá sí tí kò ní bá ẹ. Ọmọ tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ àdàpọ̀ kàn án tó ìgbà mọ́kànlélógún láàárín ogún ìṣẹ́jú kan náà. Ṣùgbọ́n yíyà wọn sọ́tọ̀ ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Kí oṣù tó parí, àwọn ọkùnrin ti ní pápá tó tẹ́jú tó ní òpó góòlù, àwọn obìnrin ti wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò pàṣẹ rẹ̀. Èmi náà ni mi ò sì kà léèwọ̀. Ní báyìí, ẹni tó gba ibi tó dára lọ́sẹ̀ yìí á fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a sì kọ ọ́ sí ara ògiri.

Láàárín àwọn obìnrin nìkan pàápàá, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ń jẹ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n mọ́lẹ̀. Nítorí náà mo dá igun mẹ́ta sílẹ̀, mo sọ wọ́n ní tòmátò, tàtàṣé àti rodo. Bí eré ṣe ń ta tó nìyẹn. Ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń yan tirẹ̀, ó sì lè kúrò níbẹ̀ láàárín eré láìgba àṣẹ. Mo bẹ̀rù pé gbogbo wọn á kó sí tòmátò. Ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kìíní, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe. Ní ìkẹta, wọ́n ti ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, “ìwọ náà, tòmátò títí ayé?”, tàtàṣé sì ti kún. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan wà tí rodo obìnrin kò ta fún. Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ni wọ́n fẹ́ wà. Mo jẹ́ kí wọ́n lọ. Kí n dí ẹni tó fẹ́ lọ lọ́nà nítorí pé mo ti pín pápá, aṣiṣe kan náà ni mo tún fẹ́ ṣe.

A kò fi gbogbo nǹkan yà wọ́n. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti alápẹ̀rẹ̀, tí ara ń kan ara, ni a yà. Rélé, a dà wọ́n pọ̀, ọkùnrin méjì obìnrin méjì, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù orí àwọ̀n náà, a dà wọ́n pọ̀, àwọ̀n ti pààlà sáàárín wọn. Ohun kan ṣoṣo tí a yí ni gíga àwọ̀n: ti àgbà ọkùnrin jẹ́ mítà 2.43, ti obìnrin jẹ́ 2.24, tiwa sì ti wà ní ti ọkùnrin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ri òpó. Nígbà tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àwọn ọmọ tó ti pinnu pé àwọn ò mọ̀ ọ́n gbá ni bọ́ọ̀lù wọn ń kọjá.

Tẹ́ń-tẹ́ń ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tẹ́ń-tẹ́ń, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti orin, á mú ẹsẹ̀ yá, á mú èémí sókè, ojú àti ẹsẹ̀ á máa bára wọn sọ̀rọ̀, eré kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ tí gbogbo ọmọbìnrin wa ti mọ̀ kí wọ́n tó wá bá mi. Mo máa ń da ọkùnrin pọ̀ mọ́ wọn níbẹ̀. Ẹ wá wo géndé tó ń jẹ wọ́n mọ́lẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù bí ó ṣe ń na ẹsẹ̀ tí kò yẹ kó nà, tí ọmọ kékeré kan ń sọ fún un pé, “O ò gbọ́ àtẹ́wọ́ ni?” Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ohùn àwọn obìnrin kì í lọ sílẹ̀ mọ́ títí a ó fi parí.

Lọ́jọ́ kan, mítà 7.12 la wọ̀n sórí iyanrìn. Ibi tí Chioma Ajunwa fò dé ní Àtìláńtà ní 1996 nìyẹn, góòlù Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí ẹnì kan dá nìkan gbà fún Nàìjíríà. Mo ní kí àwọn obìnrin sùn sórí ìlà náà, orí sí ẹsẹ̀. Mẹ́rin sùn, kò kún. Ẹ̀karùn-ún ní láti ká ara rẹ̀ jọ. Wọ́n wo ìlà náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ewé ìwé kan: máa fò láti ojú kan, láìsáré, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ wọ̀n ọ́n, kí o kọ ọ́. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan lo ń bá díje. Mo ba nǹkan jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ayọ̀ ka ti ọmọ kan sókè, mítà kan àti ààbọ̀. Èmi rò pé mò ń yìn ín, torí íńṣì mẹ́fà ló fi lé ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Oṣù kan ni ọmọ náà fi kọ̀ láti fò. Láti ìgbà náà, ìwé oníwèé, mi ò kà á síta.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà. Ọmọ kan wà tí ọjọ́ ọjà bọ́ sí ọjọ́ eré wa, kẹ̀kẹ́ iṣu ìyá rẹ̀ ló ń tì. Kò sí níkà tí mo lè rán fún ìyẹn.

Ọmọ ìyá onígàrí kò fẹsẹ̀ wá sáré. Aago ló bẹ̀rẹ̀ láti dì mú. Mo ránṣẹ́ sí i pé n kò rí ẹni tó lè máa tẹ aago fún mi, òtítọ́ sì ni. Ó wá pẹ̀lú súẹ́tà ní ìdí, ó dúró sí òpin ìlà, ó ń tẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó wo ìwé náà padà. “Mà, èyí ló ṣe ipò kìíní? Mo sá ju báyìí lọ ní ọdún kìíní.” Mo ní kí ó gbé aago fún mi. Ó tú súẹ́tà.

Ní intaháósì, òun ló sá ẹ̀kẹta nínú rélé. Ilé wọn ló wà níwájú títí dé ibi tó ti fẹ́ fi igi lé ẹni kẹrin lọ́wọ́, ìyẹn jù ú sílẹ̀, wọ́n ṣe ipò kẹta. Mi ò tilẹ̀ rí bí igi ṣe bọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mò ń wò. Ó ń jù.

Ó wá bá mi lẹ́yìn eré, ó ṣì ń mí gúlegúle, mo rò pé ọ̀rọ̀ igi tó bọ́ ló fẹ́ sọ.

“Mà, ẹ bá wa sọ fún bàbá télọ̀ kí wọ́n fi àpò kékeré kan sínú rọ́bà ìbàdí.”

“Àpò kí ni?”

Ó wo ẹ̀yìn, kò sí ọkùnrin nítòsí. “Ti páàdì, mà.”

Àpò náà ti wà nínú gbogbo èyí tí a rán ní sáà yìí, inú, apá ọ̀tún, íńṣì mẹ́rin ní gígùn, mẹ́ta ní fífẹ̀. Bàbá télọ̀ bi mí pé kí làwọn ọmọ fẹ́ kó síbẹ̀. Mo ní owó ọkọ̀ ni.